Eégbọn Fáróà 9 nínú ìdajì ife oyin: kí ni iye yìí ń sọ?

Àbẹ̀kẹ́ Àgbọ̀wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa oyin. Nínú kíláàsì ìmọ̀ kòkòrò wa, wọ́n mú wa lọ sídìí àpótí oyin oní-tọ́pù-báà kan, èyí tí afárá ń rọ̀ láti ara igi tẹ́ẹ́rẹ́ lókè rẹ̀, lọ́nà Àjíbọ́dé láti ka eégbọn Fáróà tó ń gbé lára oyin. A bu oyin kún ìdajì ife, a da ìyẹ̀fun ṣúgà lé wọn lórí, a gbọ̀n ọ́n, eégbọn 9 ló jábọ́ sínú abọ́ funfun. Ìwé tá à ń lò ní oyin 300 ló máa ń wà nínú ìdajì ife, ìyẹn ni pé 3 nínú 100, ó sì ní kéèyàn tọ́jú àpótí tó bá ti dé ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ ọ́ pé agbo náà ti ń kú lọ. Òmíràn ní oyin ilẹ̀ wa kì í ka Fáróà sí. Kí ni kí n kọ sínú ìròyìn mi?

Alóyin Mọ́níyà

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin oyin ní Mọ́níyà níbí. Mo máa ń rí nǹkan pupa pẹlẹbẹ yẹn lára wọn, mi ò da oògùn kankan sí i rí, mo sì ń kórè. Ohun tó fà á ni pé ọmọ oyin tiwa kì í pẹ́ nínú ihò bíi ti oyin òyìnbó. Kí eégbọn tó bímọ níbẹ̀, oyin ti jáde, ó ti fò lọ. Kò lè pọ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí wàhálà.

Olùwádìí Bódìjà

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Apá kan nínú ohun tẹ́ ẹ sọ lágbára gan-an, ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó.

Ìyá eégbọn máa ń yọ́ wọ ihò ìdin oyin ní kété kí àwọn òṣìṣẹ́ tó fi ìda dé e. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dé e tán, ó máa tó nǹkan bíi wákàtí 60 sí 70 kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, akọ sì ni ẹyin yẹn. Lẹ́yìn èyí, ó ń yé abo lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi wákàtí 30 ló ń wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Abo kan nílò bí ọjọ́ mẹ́fà kó tó gbó, akọ yẹn ló sì máa gun àwọn arábìnrin rẹ̀ nínú òkùnkùn ihò náà. Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí 70 àti 30, ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́fà kún un, ó di ọjọ́ 10. Ihò òṣìṣẹ́ máa ń wà ní dídé fún ọjọ́ 11 sí 12. Nítorí náà, abo àkọ́kọ́ máa ń rí àyè gbó, kódà lọ́dọ̀ oyin tiwa. Èyí tó kẹ́yìn ni kíkúrú ìgbà náà ń pa, nítorí abo tí kò bá tíì gbó nígbà tí oyin bá jáde kò ní pẹ́ kú.

Nínú ihò akọ oyin, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Èyí máa ń wà ní dídé fún nǹkan bí ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn abo tó ń gbó níbẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí Fáróà fi fẹ́ràn ihò akọ ju ti òṣìṣẹ́ lọ dáadáa. Lára oyin Éṣíà tó ti wá, inú ihò akọ nìkan ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń bímọ, ìyẹn ló sì jẹ́ kí oyin ọ̀hún lè bá a gbé. Nígbà tó bọ́ sára irú oyin tí àwa ń sìn ló kọ́ láti máa bí nínú ihò òṣìṣẹ́ pẹ̀lú.

Nítorí náà, ó lè pọ̀ o, bàbá. Ohun tó ń jẹ́ kó má pọ̀ lọ́dọ̀ yín kì í ṣe ìyẹn nìkan.

Àbẹ̀kẹ́, kí n tó dá ọ lóhùn, jọ̀ọ́ sọ nǹkan mẹ́rin fún mi. Ara afárá wo lẹ ti bu oyin, èyí tó ní ọmọ ni àbí èyí tó ní oyin jíjẹ? Ṣé òjò ti rọ̀ kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀? Ṣé ẹ ka oyin inú ife náà, àbí ìwé lẹ gbà gbọ́? Ṣé ẹ wo àwọn 9 yẹn lábẹ́ awò?

Ìyá Dáre Apẹ̀tẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìṣòro Fáróà yìí. Àpótí mi kan tí oyin ti kó kúrò, mo ṣí i, mo rí àwọn ìdin funfun tó ń ta owú bíi ti aláǹtakùn sára afárá, gbogbo ìda ti di lẹ́búlẹ́bú. Ṣé ṣúgà yẹn máa pa wọ́n?

Olùwádìí Bódìjà

Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Fáróà kọ́ nìyẹn. Ìdin àfòpiná tó ń jẹ ìda ni, ó sì fẹ́ràn àpótí tí oyin ti fi sílẹ̀ tàbí èyí tí agbo inú rẹ̀ ti dín kù. Ṣúgà ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ yọ gbogbo afárá tó ti bàjẹ́, ẹ yọ́ ìda tó bá ṣẹ́kù tàbí kẹ́ ẹ sun ún, ẹ ha inú àpótí náà, ẹ fi iná jó ojú pákó rẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún gbé e síta. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wádìí ni ohun tó lé oyin lọ kí àfòpiná tó dé.

Àbẹ̀kẹ́ Àgbọ̀wọ́

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Afárá tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà la gbọ̀n, ọmọ wà níbẹ̀, a kọ́kọ́ wò ó dáadáa pé ayaba ò sí lára rẹ̀. Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ara afárá sì lómi oyin díẹ̀. A ò ka oyin inú ife, ìwé la tẹ̀ lé, a sì dá wọn padà sínú àpótí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi awò wo àwọn 9 yẹn tán. Méje fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe gùn lọ, bí èèpá akàn kékeré, ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn méjì yòókù gùn ju bí wọ́n ṣe fẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ mẹ́fà, irun pọ̀ lára wọn. Ṣé ọmọ eégbọn ni méjì yẹn?

Olùwádìí Bódìjà

Rárá. Ìyẹn ni Bráúlà, eṣinṣin tí kò ní ìyẹ́, tó máa ń gùn lé ẹ̀yìn oyin, tó ń lọ jí oúnjẹ jẹ ní ẹnu wọn. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bíi ti Fáróà, ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kà á mọ́ ọn nìyẹn. Kò ṣe agbo ní nǹkan tó pọ̀. Ẹsẹ̀ ni kí o máa kà: Fáróà jẹ́ ẹbí aláǹtakùn, mẹ́jọ ló ní. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ Fáróà tí kò tíì gbó funfun ni, kì í sì í sí lára oyin tó ń rìn. Inú ihò tó wà ní dídé ló wà.

Ó ku 7 nìyẹn.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ife. Iye 300 tó wà nínú ìwé yẹn, ara oyin Yúróòpù ni wọ́n ti kà á. Oyin ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní adansóníì, kéré sí wọn lára, nítorí náà wọ́n máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ nínú ife kan náà. Bí o bá pín 7 sí 300, o ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò oyin mìíràn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti òjò. Ìyẹ̀fun ṣúgà ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ó gbẹ, ó kúnná, ó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ eégbọn yọ̀ lára oyin. Nígbà òjò ní Ìbàdàn, afẹ́fẹ́ nìkan tó láti mú un dì. Tí oyin jíjẹ bá tún kán sínú ìgò, ṣúgà á di ẹ̀kọ, eégbọn á lẹ̀ mọ́ oyin, ẹ ó rò pé kò sí. Ó ṣeé ṣe kí 7 yín jẹ́ ìdajì ohun tó wà lára wọn.

Tí olùkọ́ yín bá gbà, ẹ fi sípíríìtì tún un ṣe. Ẹ bu oyin láti ara afárá ọmọ, ẹ da sípíríìtì bò wọ́n nínú ìgò, ẹ gbọ̀n ọ́n fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ fi asẹ́ tí oyin ò lè gba ojú rẹ̀ kọjá sẹ́ ẹ, ẹ tún fi sípíríìtì ṣan oyin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn oyin yẹn máa kú, mi ò fẹ́ fi ìyẹn pa mọ́ fún yín, àmọ́ ẹ máa lè kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Afárá tọ́pù-báà kò ní férémù, ẹ má dà á dùbúlẹ̀ o. Ẹ gbé e ní ìnàró, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá oyin sínú abọ́.

Alóyin Mọ́níyà

Kí wọ́n ṣe é nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Oyin tiwa ò mọ akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí olè. Ẹ lo èéfín dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan afárá ọmọ.

Àkànní Àpáta

Kí lẹ tún ń ka eégbọn fún? Oògùn eégbọn màlúù tó ní amítíráàsì wà lọ́jà, ó ń pa Fáróà. Ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ fọ́n ọn sínú àpótí, ó parí.

Olùwádìí Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, òótọ́ ni pé amítíráàsì ń pa Fáróà. Àwọn tó ń lò ó fún oyin ní òkèèrè máa ń lo èyí tí wọ́n fi sára ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, tó rọra ń jáde díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ti wọn ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tí wọ́n pò fún màlúù kì í ṣe ọ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó wọn ìwọ̀n tí agbo oyin lè gbà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n fi pò ó fúnra rẹ̀ lè pa oyin, àti pé àjẹkù rẹ̀ máa wà nínú ìda àti nínú oyin tá a máa tà fún èèyàn jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é.

Àbẹ̀kẹ́ Àgbọ̀wọ́

Olùkọ́ wa gbà, a ti padà lọ, ìrọ̀lẹ́ ni, bàbá, ẹ ṣé. Àpótí kan náà, afárá ọmọ, sípíríìtì la lò. Oyin 392 ló wà nínú ìdajì ife yẹn! Fáróà 14, Bráúlà kan. Mo pín 14 sí 392, ó fún mi ní 3.6 nínú 100. Ó ti kọjá 3 ti ìwé. Ọ̀rẹ́ mi àkọ́kọ́ ti ń yọ̀ pé òun ló tọ̀nà. Mo tún ní ìbéèrè kan: nínú nóòtì wa, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ oyin ni Fáróà ń mu. Ṣé bí iye ẹ̀jẹ̀ tó ń mu ṣe tó ló ń pa agbo?

Olùwádìí Bódìjà

Iṣẹ́ tó mọ́ lẹ ṣe. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè ìkẹyìn.

Ọjọ́ pẹ́ tí gbogbo ìwé fi ń kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ní 2019, iṣẹ́ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ìṣù ọ̀rá inú ara oyin ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Ọ̀rá yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe lára wa: ibẹ̀ ni oyin ń kó agbára pa mọ́ sí, ibẹ̀ ló sì ti ń gbógun ti májèlé àti àrùn. Èyí tó tún burú ju jíjẹ lọ ni fáírọ́ọ̀sì tí eégbọn ń gbé láti ara oyin kan dé òmíràn. Èyí tá a lè fojú rí jù ni fáírọ́ọ̀sì tó ń sọ ìyẹ́ di kíká. Oyin tó ní in láti inú ihò máa jáde pẹ̀lú ìyẹ́ tó rún jọ bí ewé tó gbẹ, kò ní lè fò láé. Nítorí náà, kí o tó sọ pé agbo ń kú, lọ wo ilẹ̀ iwájú àpótí láàárọ̀. Ṣé o rí oyin kéékèèké tó ń rá pálá pẹ̀lú ìyẹ́ kíká? Ṣé ọmọ inú afárá ṣù pọ̀ dáadáa, àbí ihò òfìfo pọ̀ láàárín wọn, tí òkú ọmọ sì wà nínú àwọn kan?

Ní ti 3.6: iye tó wà lára oyin tó ń rìn nìkan nìyẹn. Kà á báyìí. Ká ní agbo yẹn ní oyin 10,000, 3.6 nínú 100 túmọ̀ sí eégbọn 360 lára wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayaba bá ń yé ẹyin dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú eégbọn ń bẹ lábẹ́ ìda nínú ihò, níbi tí sípíríìtì ò dé. Ó lè tó ìlọ́po méjì èyí tó wà níta. Nígbà náà, gbogbo rẹ̀ á sún mọ́ 1,080. Àmọ́ tí ayaba ò bá yé ẹyin mọ́ fún ìgbà díẹ̀, bóyá nítorí àìsí òdòdó nígbà òjò tàbí nítorí pé agbo ṣẹ̀ṣẹ̀ pín, gbogbo eégbọn á jáde sára oyin, 3.6 á sì jẹ́ 360 péré. Iye kan náà nínú ìgò, agbo méjì tó yàtọ̀ pátápátá. Nítorí náà, iye láìsọ bí ọmọ ṣe pọ̀ tó kò pé. Mélòó nínú afárá yẹn ló ní ọmọ tó wà ní dídé?

Àbẹ̀kẹ́ Àgbọ̀wọ́

Mẹ́ta péré nínú gbogbo afárá, ọ̀kan nínú wọn ní ihò akọ gbọ̀ọ̀rọ̀ létí ìsàlẹ̀. A ò rí oyin tó ní ìyẹ́ kíká kankan nílẹ̀. Ọmọ ṣù pọ̀ dáadáa.

Alóyin Mọ́níyà

Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Agbo tó le ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Olùwádìí Bódìjà

Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, bàbá, àti pé ẹnu yín ló ti yẹ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n rí Fáróà ní 1997. Ìbẹ̀rùbojo gba gbogbo alóyin, àwọn àpótí kan kú, ṣùgbọ́n láàárín ọdún mélòó kan agbo tí wọn ò dá oògùn sí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e láìkú. Níhìn-ín ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ìròyìn tó jáde ní 2012 fi hàn pé irú Fáróà ti Kòríà, irú kan náà tó ba agbo jẹ́ káàkiri ayé, ló wà lára oyin wa. Nítorí náà, kì í ṣe eégbọn wa ló rọ̀. Oyin wa ló le.

Kí ló mú un le? Ibẹ̀ ni mi ò ti lè fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbọ́ òórùn ihò tó lábùkù, wọ́n á ṣí i, wọ́n á fa ọmọ inú rẹ̀ jù síta. Wọ́n máa ń fi ẹnu gé eégbọn lára ara wọn. Wọ́n tún máa ń pín, wọ́n máa ń kó kúrò, agbo sì ń wà láìní ọmọ fún ìgbà kan, ìyẹn ń dá ìbí eégbọn dúró. Èwo ló ṣe pàtàkì jù nínú wọn lára adansóníì, mi ò tíì rí ẹ̀rí tó tó.

Ààlà 3 nínú 100 yẹn, ti oyin tó ń la ọ̀gìnnìtìn kọjá ni. Wọ́n gbé e kalẹ̀ nítorí pé agbo tó bá fi eégbọn púpọ̀ wọ ìgbà òtútù kò ní rí ìparí rẹ̀. Àwa ò ní òtútù bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fi í dájọ́ fún àpótí Àjíbọ́dé, mi ò sì ní sọ pé kò wúlò.

Àkànní Àpáta

Tí kò bá sí oògùn, tí kò sì sí ààlà, kí wá ni ká ṣe tó bá ń lọ sókè?

Olùwádìí Bódìjà

Ihò akọ gbọ̀ọ̀rọ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ rí yẹn ni mo máa kọ́kọ́ lò. Eégbọn ń wọ́ lọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá ti dé e tán, kí ó tó jáde, a lè fi ọ̀bẹ gé e kúrò, ó sì rọrùn lára afárá tọ́pù-báà ju ti oní-férémù lọ. Ọjọ́ 24 ni akọ ń lò láti ẹyin títí tó fi máa jáde, nǹkan bí ọjọ́ 10 àkọ́kọ́ ni ihò fi ń ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé láti gé e lákòókò ti ń sin eégbọn nìyẹn. Tí ẹ bá ti gé e, ẹ ṣí ihò bí 100, ẹ fa ọmọ inú wọn jáde. Ẹ wo èyí tí ojú rẹ̀ ti pupa tàbí tí ara rẹ̀ ti ń dúdú. Ìyá eégbọn á pupa, àwọn ọmọ á funfun, ìgbẹ́ wọn á sì wà bí àmì ẹfun lára ògiri ihò. Èyí máa sọ fún yín bóyá wọ́n ń bímọ yọrí, ohun tí ife ò lè sọ.

Alóyin Mọ́níyà

Èmi ò fara mọ́ gígé ọmọ agbo tára rẹ̀ le. Ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n á kó kúrò, àfòpiná ti Ìyá Dáre á wọlé. Àti pé akọ tó dára la nílò káyaba tuntun lè rí ọkọ.

Olùwádìí Bódìjà

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, bàbá. Fún agbo tó wà ní 3.6 láìsí ìyẹ́ kíká, mo gbà pé kí wọ́n gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò nìkan, kí wọ́n má gé gbogbo rẹ̀. Tó bá di pé a ń rí ìyẹ́ kíká, ọ̀rọ̀ mi máa yí padà.

Àbẹ̀kẹ́, nínú ìròyìn rẹ, kọ iye eégbọn, iye oyin tó o kà, ọ̀nà tó o fi yọ wọ́n, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, iye afárá tó ní ọmọ ní dídé, àti ohun tó o rí nílẹ̀ iwájú àpótí. Gbé ti ṣúgà, 7, àti ti sípíríìtì, 14, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, má fi ọ̀kan pa mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Àgbọ̀wọ́

Mo ti ń kọ ọ́. Bàbá Mọ́níyà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè fi ife kan náà yẹ àpótí yín wò? Ẹ ò sọ pé ẹ ti kà á rí, tiwa yìí sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Alóyin Mọ́níyà

Ẹ wá. Mẹ́rin ló ní ọmọ nínú wọn báyìí, àpótí kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pín, kò tíì ní ọmọ rárá. Ẹ ka irú méjèèjì ká wo ohun tí ọ̀rọ̀ olùwádìí máa fi hàn. Ẹ wọ bàtà tó gùn dé orúnkún.